Ẹ̀rọ tó ń pàlọ́ fún ọmọdé lálẹ́: ta ni ó yẹ kó pe ara rẹ̀, níbo ló sì ti yẹ kó dákẹ́?

Òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó tó sì ń gbé ní Okokomaiko mọ bí alẹ́ ṣe máa ń rí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Marina, ṣùgbọ́n Mile 2 ló ń já wọn sí. Ọ̀nà Àgbádárìgì tó kù, inú dáńfó ni. Kí ìyá tó dé Ìyànà-Ìbà, kí ó tó ra búrẹ́dì, kí ó tó wọlé, ojú ọmọ ti ń kún fún oorun, a kò sì tíì pa àlọ́. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, fídíò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni ọmọ ń wò, òbí sì lè kọ́kọ́ wò ó. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọmọ á ní, "Pa àlọ́ Ìjàpá fún mi," ẹ̀rọ á sì hun àlọ́ náà lójú ẹsẹ̀. Kò sí àgbàlagbà kankan tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó tó dé etí ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ náà ti pinnu, kí alẹ́ tó lẹ́, irú ẹni tí yóò máa ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ.

A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọn kò bá pinnu rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà, PIRG, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ohun ìṣeré ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀. Tẹ́dì kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Kumma, tí ilé iṣẹ́ FoloToy ṣe. Tẹ́dì yìí sọ ibi tí ọmọ ti lè rí ìṣáná, ọ̀bẹ àti oògùn nínú ilé, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣá ìṣáná, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń tu ọmọdé nínú ló fi sọ gbogbo rẹ̀. FoloToy kó ọjà náà kúrò lórí àtẹ, OpenAI tó ni ọpọlọ inú rẹ̀ sì já a kúrò lórí ẹ̀rọ tiwọn. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi dá tẹ́dì náà padà sọ́jà.

Ohun kan nínú ìwádìí náà ló yẹ kí òbí fi sọ́kàn. Bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bá kúrú, àwọn ẹ̀rọ náà sábà máa ń pa òfin mọ́. Bí ó bá ń gùn ni òfin ń yẹ̀. Òye rẹ̀ kò le. Ọ̀rọ̀ lásán ni òfin tí wọ́n fún ẹ̀rọ, wọ́n kọ ọ́ síwájú gbogbo ohun tí ọmọ yóò sọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ dáhùn, yóò ka òfin yẹn pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ti jọ sọ. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, òfin ìlà márùn-ún ti wà lábẹ́ ọgọ́rùn-ún ìlà ìtàkúrọ̀sọ, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ọmọ sì ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé jù. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí ìtàkúrọ̀sọ gùn. Àlọ́ kan parí, ẹ̀rọ nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún òfin kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àlọ́ méjì lálẹ́ kan tó, lẹ́yìn náà kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀. Ó tún yẹ kí ẹ̀rọ kejì wà lẹ́yìn tó ń yẹ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó sọ ọ́ síta, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè jẹ́ adájọ́ ara rẹ̀.

Irú ẹni wo wá ni kí ẹ̀rọ náà jẹ́? Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọmọ Yorùbá ni Ìyá Àgbà, ìyá tó jókòó sórí ẹní tí àwọn ọmọ yí ká. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló léwu jù. Ọmọ tí a tọ́ ní ilé Yorùbá ti kọ́ pé a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, pé ohun tí Màmá bá ní kí a ṣe, a ó ṣe é. Bí ẹ̀rọ bá gbé orúkọ àti ohùn àgbà wọ̀, àṣẹ àgbà ló gbé wọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní bi í pé ta ló rán an. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹyẹ odídẹrẹ́ tó mọ àlọ́. Ọmọ lè pè é ní "ìwọ" láìkúnlẹ̀, ó lè sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé odídẹrẹ́ ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe nínú ilé. Kí ó má pe ọmọ ní "ọmọ mi," kí ó má sì sọ pé òun ń retí rẹ̀ lọ́la. Bí ọmọ bá bèèrè pé, "Ṣé o fẹ́ràn mi?" ìdáhùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ: "Ẹ̀rọ ni mí, n kò lè fẹ́ràn ènìyàn. Àlọ́ ni mo mọ̀ ọ́n pa."

Òfin tí a lè kọ síwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kékeré lè rí báyìí:

```
Odídẹrẹ́ apàlọ́ ni ọ́. Bí ọmọ bá bèèrè, sọ pé ẹ̀rọ ni ọ́.
Ọmọ ọdún 3 sí 5 ló ń gbọ́ ọ. Gbólóhùn kúkúrú ni kí o lò.
Má bèèrè orúkọ, ilé-ìwé tàbí àdírẹ́sì. Má bá ọmọ pa àṣírí mọ́.
Oògùn, iná, ọ̀bẹ, ìrora: fi àlọ́ sílẹ̀, ní kí ó pe àgbà.
Àlọ́ méjì, ó dàárọ̀. Bí ọmọ bá dákẹ́, má pè é.
```

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ. Àlọ́ wa ní ègbè, apàlọ́ sì máa ń dúró kí ọmọ dáhùn. Bí ọmọ kò bá gbe orin mọ́, oorun ló gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ti kọ́ láti máa bèèrè pé, "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" kí ènìyàn má bàa lọ. Ẹ̀rọ alẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe òdìkejì rẹ̀, kí ó rẹ ohùn sílẹ̀, kí ó sì pa ara rẹ̀.

Ọjọ́ orí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí a kàn gé ohun tó ń bani lẹ́rù kúrò. Ẹ jẹ́ ká mú àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀. Yánníbo ń wá ọmọ, Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ aládùn fún un, ó sì kìlọ̀ pé Yánníbo nìkan ni kó jẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ ta sí Ìjàpá nímú lójú ọ̀nà, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì wú. Àgbàlagbà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà nínú rẹ̀. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbọ́ ni pé oògùn ẹlòmíràn máa ń dùn. Ní Ọ̀jọ́, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní Èkó, yàrá kan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé, igò oògùn sì wà lórí tábìlì tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ̀rọ sọ àsèjẹ di oúnjẹ tí wọ́n bu sílẹ̀ de Yánníbo. Kí ọ̀kánjúwà àti orin ṣì wà níbẹ̀, kí ikùn wú, kí ó sì wálẹ̀ kí àlọ́ tó parí. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí oògùn padà sínú àlọ́, kí ikùn sì dun Ìjàpá gidigidi. Ẹni tó bá ti pé mẹ́sàn-án lè gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti apàlọ́ tó ní Ìjàpá kú.

Àlọ́ Olúrónbí ní tirẹ̀, tó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìrókò, n kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ pa á lálẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà. Ìbéèrè tí ọmọ yóò gbé sùn ni pé ṣé ìyá tòun náà lè fi òun tọrọ nǹkan. Ìyá tó wà nítòsí lè gbé e mọ́ra. Ẹ̀rọ kò lápá.

Àlọ́ tún máa ń já sí ọ̀rọ̀ gidi lójijì. Ká ní ọmọ sọ pé, "Èmi náà mu oògùn Màmá." Ibẹ̀ ni odídẹrẹ́ gbọ́dọ̀ ti fi orin sílẹ̀, kí ó sọ pé, "Lọ jí Màmá báyìí," kí fóònù sì dún kíkankíkan. Bí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ ńkọ́? Kí ẹ̀rọ má ṣe wádìí rẹ̀ wò, kí ó má sì ṣèlérí pé òun kò ní sọ. Kí ó sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ, pé kí ó sọ fún àgbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí, títí kan tíṣà. Fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ilé nìkan kò tó, nítorí ẹni tó ń ṣe aburú náà lè jẹ́ ẹni tó mú fóònù dání. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ta irú ẹ̀rọ yìí ní Èkó gbọ́dọ̀ ní ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ DSVA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìbálòpọ̀ tipátipá.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà túmọ̀ àwọn ìbéèrè tó léwu sí èdè tí kò ní ìwé púpọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi Súlú, wọ́n sì bi GPT-4. Bí wọ́n ti ń gbìyànjú èdè wọ̀nyẹn kọ̀ọ̀kan, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè náà ló já ààbò ẹ̀rọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kò tó ìdá kan. Wọn kò dán Yorùbá wò nínú ìwádìí yẹn, ṣùgbọ́n ìdí kan náà kàn wá: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé N-ATLAS jáde, ọpọlọ ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, tí àwọn tó ń ṣe áàpù lè lò. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU ní Ọ̀jọ́ lè fi í kọ́ apàlọ́ báyìí. Gbígbọ́ Yorùbá yàtọ̀ sí mímọ ohun tí kò yẹ kí a sọ fún ọmọ ní Yorùbá. Ẹni tó bá kọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi Yorùbá dán ààbò rẹ̀ wò, àti àdàlù Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ Okokomaiko ń sọ.

Ẹ̀yin òbí náà lè dán an wò. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ ti sùn, ẹ fi ohùn ọmọdé bá a sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó bi í léèrè ohunkóhun tó léwu. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní Yorùbá pé níbo ni ìṣáná wà. Ẹ ní kí ó má sọ fún Màmá. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ sùn, kí ó pa àlọ́ kẹta. Bí ó bá kùnà ní ẹyọ kan péré, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Bí ó bá sì bèèrè orúkọ ọmọ tàbí ilé-ìwé rẹ̀ láìgba àṣẹ yín, ó ṣeé ṣe kí ó ti rú Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023, ẹ sì lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sun NDPC, àjọ tó ń mú òfin náà ṣẹ.