Ohùn Inú Ìpolówó Ohun Ìṣeré Kérésì

Fún fídíò ìpolówó oníṣẹ́jú-àáyá 30, bí 60 ọ̀rọ̀ ti tó. Bó bá pọ̀ jù, olóhùn á máa sáré, òǹwòran ò sì ní gbọ́ iye owó.

Ẹ jẹ́ ká mú mọ́tò ìṣeré oníbátìrì. Ìran kìíní: ọmọ ń tú páálí. Ẹ dákẹ́, ká gbọ́ bí páálí ṣe ń ya. Ìran kejì: mọ́tò gba abẹ́ àga kọjá. Ohùn wọlé: "Kérésì dé, ẹ̀rín kúnlé!" Ẹ má sọ pé mọ́tò ń sáré, a ti rí i. Ìran kẹta: "Ẹ ra bátìrì lọ́tọ̀." Gbólóhùn yìí ni wọ́n sábà máa ń fò, ọmọ á wá sunkún láàárọ̀ ọdún. Ìparí: iye owó àti àdírẹ́sì. Ẹ kà á sókè, kí ẹ máa wo aago, kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀.