Ọjà Ń Tà, Owó Ò Sí

Ẹ bá àwọn aláṣọ ọjà Gbági ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ ẹjọ́ kan lẹ́nu ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yá dáadáa: òun ń jèrè, ṣùgbọ́n kò sówó tí òun yóò fi kó ọjà tuntun. Ará ilé á ní ìnákúnàá ni. Aládùúgbò á ní ayé ló ń ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Owó náà kò sọnù, òde ló wà. Apá kan wà lórí pẹpẹ, apá kan sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ra àwìn. Ohun tí oníṣòwò náà kò tíì kà ni iye ọjọ́ tí owó rẹ̀ ń lò lóde kó tó padà wálé.

Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ìṣúná méjì ní Amẹ́ríkà, Verlyn Richards àti Eugene Laughlin, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Títí di ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò láti mọ̀ bóyá ọwọ́ òwò kan dẹ̀ ni pé kí ohun ìní rẹ̀ pọ̀ ju gbèsè rẹ̀ lọ. Àwọn méjì yìí ní ìyẹn nìkan kò tó, pé ọjọ́ ni ká máa kà.

Ẹ jẹ́ ká fi aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì mú iye tó rọrùn láti ṣírò. Aṣọ tó ń tà lóòjọ́, ₦100,000 ló rà á, ₦120,000 ló ń tà á. Bó bá ka gbogbo aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ṣírò wọn ní iye tó rà wọ́n, mílíọ̀nù 6 náírà ni. Ọjà ọjọ́ 60 nìyẹn: tí a bá pín in dọ́gba, aṣọ kan ń lo oṣù méjì nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń kó aṣọ ẹbí láwìn jẹ ẹ́ ní ₦3,600,000. Iye tó ń tà lóòjọ́ la fi ń pín èyí, nítorí iye títà ni wọ́n jẹ, ó sì jẹ́ ọjọ́ 30. Òun náà jẹ alágbàtà tó ń kó aṣọ fún un láti Èkó ní mílíọ̀nù 2, ìyẹn ọjà ọjọ́ 20.

60 + 30 − 20 = 70

Láti ọjọ́ tó sanwó aṣọ fún alágbàtà títí di ọjọ́ tí owó yẹn padà bọ́ sí i lọ́wọ́, ọjọ́ 70 ni. Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń ti ₦100,000 mìíràn síta. Nítorí náà, mílíọ̀nù 7 ló gbọ́dọ̀ wà lóde nígbà gbogbo kí òwò náà má bàa dúró. Ẹni tó bá wo ìwé rẹ̀ lè rí mílíọ̀nù 7 àti ₦600,000. ₦600,000 tó lé yẹn ni èrè tí àwọn onígbèsè kò tíì san, kì í ṣe owó tó jáde lápò rẹ̀.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Ká ní ọjà yá, tó wá ń ta ìlọ́po méjì lóòjọ́, tí ọjọ́ 70 yẹn kò sì yí padà. Owó tó gbọ́dọ̀ wà lóde yóò di mílíọ̀nù 14. Níbo ni mílíọ̀nù 7 tuntun yóò ti wá? Èrè tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ₦20,000 lóòjọ́. Bó tilẹ̀ tà láìsinmi fún ọjọ́ 365, mílíọ̀nù 7 àti ₦300,000 ni gbogbo rẹ̀, kó tó san owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé ìwé ọmọ. Ìtẹ̀síwájú yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èrè ọdún kan mì. Ẹni tí kò bá mọ èyí á sáré lọ bá olówó èlé nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn pé ọjà ń tà.

Ìgbà náà ló yẹ kó yẹ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjà tó wà nílẹ̀. Ọjọ́ 60 yẹn ń tan èèyàn jẹ. Bí mílíọ̀nù 2 nínú mílíọ̀nù 6 bá jẹ́ léèsì tí àṣà rẹ̀ ti kọjá, mílíọ̀nù 4 tó kù ló ń tà, ọjọ́ 40 péré ni wọ́n sì ń lò nílẹ̀. Òwò náà kò lọ́ra. Òkú ọjà ló wà níbẹ̀. Ohun tó máa fi mọ̀ ni pé kó kọ ọjọ́ tó kó aṣọ kọ̀ọ̀kan dé sára rẹ̀. Bó bá ta léèsì yẹn ní ìdajì iye tó rà á, á dùn ún, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù kan á bọ́ sí i lọ́wọ́ láìsan èlé fún ẹnikẹ́ni.

Àwìn kì í ṣe ohun tuntun nínú òwò aṣọ. Òun ni àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà fi là láyé àtijọ́: wọ́n ń tajà láwìn láti abúlé dé abúlé, wọn kì í sì í fi gbígba gbèsè ṣeré. Ohun tí ọ̀pọ̀ aláṣọ òde òní mú nínú iṣẹ́ náà ni àwìn, wọ́n fi gbígbà sílẹ̀. Ní ti aṣọ ẹbí, ọ̀nà kan wà tó sàn ju kéèyàn máa lé onígbèsè kiri: kó gba ìdajì owó kó tó lọ sí Èkó. Ilé iṣẹ́ Dell ní Amẹ́ríkà ṣe irú èyí dé góńgó ní àwọn ọdún 1990. Oníbàárà á béèrè kọ̀ǹpútà, á sì sanwó kí wọ́n tó tò ó pọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Dell ń san owó àwọn tó kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wá. Ọjọ́ tiwọn wá kéré ju òdo lọ, owó ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń ṣòwò.

Ó dà bíi pé ká kàn máa rọ alágbàtà pé kó fún wa láyè sí i. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwìn alágbàtà náà ní iye tirẹ̀. Bí alágbàtà bá ní ẹni tó sanwó lọ́wọ́ yóò san ₦98,000 fún aṣọ tí aláwìn yóò san ₦100,000 fún lẹ́yìn ọjọ́ 20, ₦2,000 ni èlé ọjọ́ 20. Ìgbà 18 ni irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ń yípo lọ́dún, èlé náà á sì tó bíi 37 lórí 100. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ bá lè yá a ní èyí tó kéré sí i, kó yá a, kó san owó lọ́wọ́. Ọjọ́ 70 á di 90, èrè á sì pọ̀ sí i. Èyí ni kì í jẹ́ kí n gba ẹni tó ní kí ọjọ́ ṣáà kúrú ni ìmọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkà kan ṣì kù. Ẹni tó bá ka ọjà rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá tàbí Kérésì, nígbà tí pẹpẹ ti ṣófo, yóò rí ọjọ́ tó kúrú gan-an. Kó lọ kà á ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, kó sì wo oṣù tí ọjọ́ ti gùn jù. Oṣù yẹn ni kó fi mọ iye owó tí òun gbọ́dọ̀ ní, nítorí ìgbà náà gan-an ni àwọn aláṣọ tó kù náà ń wá owó yá.