Ta ni yóò yẹ àwọn aṣàyẹ̀wò inú ilé wò?

Ìlànà àgbáyé iṣẹ́ àyẹ̀wò inú ilé, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìíní ọdún 2025, pa á láṣẹ pé kí ará òde yẹ ẹ̀ka àwọn aṣàyẹ̀wò wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 5.

Ká ní ilé àfowópamọ́ mẹ́ta wà, ní Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́, tí owó wọn kò ká ògbógi òde. Bí Kétu bá yẹ Sábẹ wò, tí Sábẹ náà sì yẹ Kétu wò, ìlànà kò kà á sí àyẹ̀wò òmìnira. Ẹni tí ó rí àléébù ẹnìkejì mọ̀ pé tòun náà ń bọ̀, ó sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Kétu bá yẹ Sábẹ wò, tí Sábẹ yẹ Àjàṣẹ́ wò, tí Àjàṣẹ́ sì yẹ Kétu wò, ó lè jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà, nítorí kò sí ẹni tí ó ń yẹ ayẹniwò tirẹ̀ wò.

Síbẹ̀, àwọn mẹ́ta lè dìtẹ̀. Bí ìjábọ̀ kò bá sọ fáìlì tí wọ́n ṣí, tí kò sì rí àbùkù kankan, kí ìgbìmọ̀ olùdarí bèèrè ìdí.