Lẹ́tà Nọ́ọ̀sì Nígbà Tí Ìtọ́jú Àtibímọ Bá Dópin

Ká ní obìnrin ẹni ọdún 42 kan, l'Ékòó, ti gba ìtọ́jú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, irú èyí tí wọ́n ti ń pa ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ lóde ara. Oyún kò dúró. Dókítà ti sọ fún òun àti ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n má fi ẹyin tirẹ̀ gbìyànjú mọ́. Kí ló yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ sí i?

Ara rẹ̀ ni lẹ́tà náà máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà: "Màdámù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kò sí oyún, ẹ má lo projẹ́sítírónì mọ́." Oògùn yìí ló ń mú kí inú ilé ọmọ wà ní ìmúrasílẹ̀ fún ọlẹ̀. Tí wọ́n bá dá a dúró, nǹkan oṣù sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó sì lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kún páàdì kan ní wákàtí kan, tí èyí sì tẹ̀ léra, tàbí tí ibà tàbí inú rírun líle bá dé, kí ó wá kíákíá. Bí nǹkan oṣù kò bá dé, kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ìdí: "Kì í ṣe ohun tí ẹ gbé tàbí ìrìn tí ẹ rìn ló fà á." Inú ìyá rẹ̀ ni obìnrin ti ní gbogbo ẹyin rẹ̀, ẹyin náà sì ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 42, iye kúrómósómù inú ọ̀pọ̀ ẹyin kì í pé mọ́, tàbí kí ó lé. Ọlẹ̀ irú ẹyin bẹ́ẹ̀ lè dára lójú, síbẹ̀ kó má dúró. Ilé ọmọ kì í tètè gbó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹyin tí obìnrin tó kéré lọ́jọ́ orí bá yọ̀ǹda fi lè ṣiṣẹ́ fún un.

Ìyẹn ni ọ̀nà kan. Ìgbàtọ́ ni èkejì: ní Èkó, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti ìdàgbàsókè àwùjọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ilé ẹjọ́ ló sì ń fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n sanwó kí òun fi ọmọ lé wọn lọ́wọ́ ń pè wọ́n sí ìwà ọ̀daràn. Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n dúró níbẹ̀, kí tọkọtaya máa bá ayé wọn lọ. Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ kà á sí ìjákulẹ̀.

Ohun kan wà tí nọ́ọ̀sì máa fi sílẹ̀: àdúrà pé wọn á fọwọ́ sọ́sùn láìpẹ́. Ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ti gbọ́ ọ títí. Dípò rẹ̀, nọ́ọ̀sì á kọ nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀, á ní kí tọkọtaya jọ wá bá agbani-nímọ̀ràn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí kò sí àyẹ̀wò aláboyún, á sì yọ orúkọ wọn kúrò nínú àwọn tí ilé ìwòsàn ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán létí pé ìtọ́jú tuntun ti kàn.