Okùn Iná Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta
Rọ́bà, ike, wáyà bàbà àti idẹ

Orí kan náà ni okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tàbí mọ́nítọ̀: ihò mẹ́ta, pẹ̀lú igun méjì tí wọ́n gé. C13 ni wọ́n ń pè é. Orí kejì, tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, la fi ń mọ orílẹ̀-èdè.

Irin pẹlẹbẹ mẹ́ta ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà. Èyí tó gùn jù nínú wọn ló ń ṣí ìdérí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíùsì sì wà nínú púlọ́ọ̀gì náà. Ti Amẹ́ríkà ní irin pẹlẹbẹ méjì àti róbótó kan. Ti Bùràsíìlì jẹ́ róbótó mẹ́ta, tí àárín yẹ̀ díẹ̀.

Ẹ wo ara púlọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà: “125V” ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Iná Nàìjíríà jẹ́ 230. Ádápútọ̀ kì í dín in kù, nítorí náà okùn ló yẹ kéèyàn pààrọ̀.

Okùn kẹ́tùlù tó jọ wọ́n, C15, ní ojú tóóró kan tí wọ́n gé sí ẹ̀gbẹ́. Ó ń fara da ooru dé 120°C, nígbà tí ti C13 mọ sí 70°C. C15 lè wọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ C13 kò lè wọ irú kẹ́tùlù bẹ́ẹ̀.