Lẹ́tà sí Dókítà Màámi: Gbogbo Ohun Tí Wọ́n Ń Lò

Ìwé ìlanilọ́yẹ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú òbí ní Jàpárà, Àgọ́-Ìwòyè àti ìlú etí omi. Bí dókítà bá bi ìyá pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn mìíràn?", wọ́n á ní rárá, nítorí àgbo àti fítámì kì í ṣe oògùn lójú wọn. Àpẹẹrẹ lẹ́tà tí ọmọ lè kọ nìyí.

Lẹ́tà náà

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ìyá ẹni ọdún 68 tí ẹ ń tọ́jú fún àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ara wọn gbọ̀n ní ìdájí lọ́sẹ̀ yìí, tí òógùn sì bò wọ́n. Oògùn tí ẹ kọ fún wọn ni gilibẹnkiláímáìdì, lisinópírì àti asipirín. Èyí tí wọn kò sọ fún yín nìyí:

1. Omi ewúro tí wọ́n fún: ife kan lálẹ́, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
2. Kápúsù áyù tí wọ́n rà nínú mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde: méjì lóòjọ́, láti oṣù méjì.
3. Iyọ̀ "aláìléwu" tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀: potasiọ́mù ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Mo kó páálí wọn wá.

Ohun tí dókítà rí níbẹ̀

Gilibẹnkiláímáìdì ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ewúro náà lè fà á. Bí ìyá bá lo méjèèjì, tí wọn kò jẹun alẹ́ dáadáa, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù kí ilẹ̀ tó mọ́. Òógùn àti gbígbọ̀n wà lára àmì rẹ̀. Ìgbà tí ìyá bẹ̀rẹ̀ ewúro ló jẹ́ kí dókítà fura sí ewúro náà, nítorí náà ẹ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun kọ̀ọ̀kan.

Lisinópírì máa ń mú kí potasiọ́mù dúró sínú ara. Bí iyọ̀ yẹn bá tún kún un, pàápàá tí kídìnrín kò bá lágbára, ọkàn lè máa lù ségesège. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ojú rí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn. Ní ti áyù, òun àti asipirín lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Ẹ kó gbogbo ìgò àti páálí sínú láílọ́ọ̀nù lọ bá dókítà. Bí nọ́ńbà NAFDAC ara àgbo bá parí sí L, àjọ náà kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń wo àrùn tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Bí ìyá bá ń gbọ̀n, tí wọ́n sì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi fún wọn. Bí gbígbọ̀n náà kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá dákú, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu. Ẹ sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má fúnra yín dá oògùn dókítà dúró. Ẹ fún un ní àkójọ náà, kí ó mọ èyí tí yóò yọ.