Yíyẹ Ẹ̀dà Fọ́múlà Wò Nínú Ìwé Ìṣirò Orí Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ Ìwé Èlé Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lé àṣìṣe tí ó máa ń wọ inú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà nígbà tí a bá kọ fọ́múlà sínú àpótí kan, tí a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú àwọn àpótí yòókù. Àṣìṣe tí ó bá mú iye tí kò ṣeé gbà gbọ́ jáde kò léwu púpọ̀, nítorí pé ojú tètè ń rí i. Èyí tí iye rẹ̀ jọ òótọ́ ni ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Fún àpẹẹrẹ, kí a gbà pé àwọn oníṣòwò àyíká Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta fẹ́ yá owó: ₦100,000 wà nínú B4, ₦200,000 wà nínú B5, ₦300,000 sì wà nínú B6. Ìdá èlé wà ní ìlà kẹta: 3% fún oṣù mẹ́ta nínú C3, 6% fún oṣù mẹ́fà nínú D3, àti 10% fún ọdún kan nínú E3. Akọ̀wé fẹ́ mọ èlé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san lórí sáà kọ̀ọ̀kan.

2. Ìtọ́ka tí ń rìn àti ìtọ́ka tí a kàn mọ́lẹ̀

Fọ́múlà tí ó yẹ C4 nìyí:

```
=$B4*C$3
```

Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí kò ní àmì dọ́là níwájú máa ń rìn bí ẹ̀dà bá ti ń rìn. Èyí tí ó ní in dúró sójú kan. Owó yíyá kò gbọdọ̀ kúrò ní òpó B, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá ìlà sọ̀kalẹ̀. Ìdá èlé kò gbọdọ̀ kúrò ní ìlà kẹta, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá òpó lọ sí ọ̀tún. Ìdí nìyí tí ìtọ́ka méjèèjì fi jẹ́ alámùúlùmálà.

Nígbà tí VisiCalc jáde ní 1979, ètò náà fúnra rẹ̀ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe ẹ̀dà bóyá kí ìtọ́ka kọ̀ọ̀kan yí padà tàbí kí ó má yí. Nínú Excel òde òní, kò sí ìbéèrè mọ́. Àmì dọ́là ni ìdáhùn tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú. Bí a bá ṣì í kọ, ẹ̀rọ náà kò ní sọ̀rọ̀.

3. Àṣìṣe tí kò pariwo

Bí akọ̀wé bá kọ `=$B4*C3`, C4 yóò fún un ní ₦3,000, èyí tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n C5 yóò di `=$B5*C4`, iye rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦600,000,000. Kò sí ẹni tí kò ní rí èyí.

Bí ó bá kọ `=$B$4*C$3`, C4 ṣì jẹ́ ₦3,000, ṣùgbọ́n C5 àti C6 náà yóò jẹ́ ₦3,000. Ẹni tí ó yá ₦300,000, tí ó yẹ kí ó san ₦9,000, yóò san ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ `=$B4*$C$3` ni ó kọ, gbogbo òpó C yóò tọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n èlé ọdún kan nínú òpó E yóò jẹ́ 3% dípò 10%. Ẹni tí ó bá yẹ òpó àkọ́kọ́ nìkan wò yóò gbà pé iṣẹ́ ti parí.

4. Ọ̀nà àyẹ̀wò

Nínú gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí, C4 tọ́. Nítorí náà, àpótí àkọ́kọ́ kò lè jẹ́rìí. C6 ń jẹ́rìí sí ìrìn ìsàlẹ̀ nìkan, E4 sì ń jẹ́rìí sí ìrìn ọ̀tún nìkan. E6, tí ó wà ní igun tí ó jìnnà jù, ni ó rin ìrìn méjèèjì. Kí a tẹ̀ ẹ́, kí a sì ka fọ́múlà inú rẹ̀. Bí kò bá ka `=$B6*E$3` gẹ́lẹ́, àmì dọ́là kan ti ṣìnà.

Ṣùgbọ́n igun kò lè fi hàn bí ẹnì kan bá ti tẹ nọ́ńbà lásán lé fọ́múlà àárín. Fún èyí, kí a kọ àyẹ̀wò àròpọ̀ sínú C7, kí a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ títí dé E7:

```
=SUM(C4:C6)-SUM($B$4:$B$6)*C$3
```

Àròpọ̀ èlé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èlé àròpọ̀ owó, nítorí náà òdo ni ó yẹ kí ó jáde. Bí ó bá jẹ́ `=$B$4*C$3` ni akọ̀wé lò, C7 yóò fi −9,000 hàn. Bí ó bá jẹ́ `=$B4*$C$3`, C7 yóò jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n E7 yóò fi −42,000 hàn.

5. Ìkádìí

Àyẹ̀wò méjèèjì ní ààlà. Bí a bá kọ 13% sínú E3 dípò 10%, igun yóò tọ́, òdo yóò sì jáde, nítorí pé iye kan náà ni fọ́múlà àti àyẹ̀wò ń lò. Àwọn iye tí a fọwọ́ tẹ̀, B4 dé B6 àti C3 dé E3, kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn ju ìwé owó yíyá àti ìpinnu ẹgbẹ́ lọ. Àwọn ni a gbọ́dọ̀ fi wọ́n wé kí a tó pín ìwé èlé fún ẹnikẹ́ni.